Bí a ṣe ń ké ẹ̀rí ẹlẹ́rìí kúrú láìyí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ padà

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Àkúrẹ́, ọ̀gá mi gbé àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ kan fún mi, ó tó ogójì ojú ìwé, wọ́n ní kí n ké e kúrú sí méjì. Mo ṣe é. Níbì kan mo kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí "jẹ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀." Ọ̀gá mi gbẹ́kẹ̀ lé mi, wọ́n sì gbé gbólóhùn yẹn bó ṣe wà sínú àdírẹ́ẹ̀sì, ìyẹn àlàyé ẹjọ́ tí wọ́n kọ fún kóòtù. Lọ́yà kejì dìde, ó ṣí ojú ìwé náà, ó kà á sókè. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ ni pé òun wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun ò wọ yàrá. Kò jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá mi ni ojú tì ní gbangba kóòtù, èmi ni mo sì kó o bá wọn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́nà tí mo fẹ́ ṣàlàyé báyìí. Ẹjọ́ kan náà ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ mo ti yí ilẹ̀, ọdún àti àwọn ènìyàn inú rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Ẹjọ́ ilẹ̀ ni. Olùpẹjọ́ ní òun ra ilẹ̀ kan lójú ọ̀nà Oǹdó lọ́wọ́ ẹbí kan, ẹbí ní àwọn ò tà á. Ẹlẹ́rìí tí a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí kejì tí olùpẹjọ́ pè, èyí tí àkọsílẹ̀ kóòtù máa ń kọ ní PW2.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ìwé tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ̀dà tí akọ̀wé kóòtù fọwọ́ sí ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́. Abala 104 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ bí irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ rí: ẹni tí ìwé wà níkàáwọ́ rẹ̀ yóò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, yóò buwọ́ lù ú, yóò kọ orúkọ, ipò rẹ̀ àti ọjọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ìwé tí lọ́yà kan fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ nínú kóòtù ni wọ́n gbé fún yín, ẹ lè ké e kúrú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sí òkè àkékúrú náà gbangba pé ibẹ̀ ni ó ti wá. Lọ́yà kì í kọ ohun tí kò ṣe é lóore pẹ̀lú ìtara kan náà tó fi ń kọ ohun tó ṣe é lóore.

Ẹ tún wo bóyá ìbéèrè àti ìdáhùn ló wà nínú rẹ̀, tàbí ìtàn tó ń lọ geere. Púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ wa ṣì ń fọwọ́ kọ ẹ̀rí, kò sì sí bí ọwọ́ ṣe lè bá ẹnu méjì sáré. Ohun tí adájọ́ sábà máa ń ṣe ni pé yóò pa ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ di gbólóhùn kan lẹ́nu ẹlẹ́rìí. Lọ́yà alátakò lè bèèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ti ń bá olùpẹjọ́ ṣọ̀rẹ́ láti ogún ọdún?" Ẹlẹ́rìí á ní "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tí ẹ ó bá nínú ìwé ni: "Mo ti ń bá olùpẹjọ́ ṣọ̀rẹ́ láti ogún ọdún." Lọ́yà ló mú ogún ọdún wá, ẹlẹ́rìí kàn gbà á ni. Bí ìwé yín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ pé "ẹlẹ́rìí sọ ọ́ báyìí gan-an." Ẹ kọ ọ́ pé "àkọsílẹ̀ kà pé," kí ẹ wá fi gbólóhùn náà sínú àmì àyọlò, kí ẹ sì sọ ọ̀dọ̀ lọ́yà wo ni ìbéèrè ti wá.

Nínú ẹjọ́ bíi ti ilẹ̀ yìí, ẹlẹ́rìí kì í tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú kóòtù. Ó ti búra sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá dé ibi ìjẹ́rìí, yóò sọ pé ìwé òun nìyí, kí kóòtù gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí òun. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ké ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrú láìka ìwé tó búra sí, ìdajì ẹ̀rí rẹ̀ ni ẹ fò. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ìwé náà, kí ẹ sì máa fi nọ́ńbà ìpínrọ̀ rẹ̀ tọ́ka.

Ohun tí a ó ké, ohun tí a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Nígbà tí ẹ bá kà á lẹ́ẹ̀kejì, ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn tó jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ kan bá yí nínú rẹ̀, ẹni tí yóò jàre lè yí padà. Àwọn gbólóhùn yẹn ni ẹ ó yọ bí wọ́n ṣe wà. Ìyókù, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ ara yín sọ ọ́.

Ibi tí ẹlẹ́rìí ti sọ bí ó ṣe mọ ohun tó ń sọ ni mo kọ́kọ́ máa ń wá. "Mo rí i," "mo gbọ́," "wọ́n sọ fún mi," "gbogbo ènìyàn ló mọ̀": àwọn mẹ́rin yìí jìnnà síra wọn lójú òfin. Abala 126 nínú òfin tí mo dárúkọ lókè sọ pé ẹni tó bá fojú rí nǹkan ni kí ó sọ pé òun rí i, ẹni tó fetí gbọ́ ni kí ó sọ pé òun gbọ́ ọ. Bí ẹ bá sọ "wọ́n sọ fún mi" di "ó mọ̀ pé," ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ di ẹ̀rí ojúkorojú, láìsí adájọ́ kan tó pàṣẹ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń wá ibi tí ẹlẹ́rìí ti ṣiyèméjì, nítorí òun ni ó rọrùn jù láti sọ nù. "Mi ò rántí" yàtọ̀ sí "mi ò mọ̀," àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí "kò rí bẹ́ẹ̀." Ẹni tí kò rántí kò tíì sẹ́.

Ojú ìwé kẹrìnlá nìyí. Lọ́yà olùjẹ́jọ́ ló ń bèèrè. Nọ́ńbà ìlà ni mo fi síwájú:

1. Ìbéèrè: Ẹ̀yin fúnra yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n san owó?
2. Ìdáhùn: Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò wọ yàrá tí wọ́n wà.
3. Ìbéèrè: Ẹ ò rí wọn nígbà tí wọ́n ń ka owó, àbí?
4. Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò rí wọn. Àpò dúdú kan ni mo rí lọ́wọ́ bàbá nígbà tí wọ́n jáde.
5. Ìbéèrè: Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú àpò yẹn.
6. Ìdáhùn: Bàbá sọ fún mi pé owó ilẹ̀ ni.
7. Ìbéèrè: Ọdún wo nìyẹn?
8. Ìdáhùn: Á tó ọdún mẹ́wàá. Mi ò rántí oṣù.
9. Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ló wà nínú ìwé tí ẹ búra sí.
10. Ìdáhùn: Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́yà olùpẹjọ́ dìde láti tún bi ẹlẹ́rìí rẹ̀ ní ìbéèrè:

11. Ìbéèrè: Kí ni ẹ ní lọ́kàn pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni?
12. Ìdáhùn: Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á sí mi létí kí n tó tẹ̀ka.

Àkékúrú tí mo kọ nígbà náà nìyí:

"Ẹlẹ́rìí jẹ́wọ́ pé òun kò sí níbẹ̀ nígbà tí olùpẹjọ́ san owó ilẹ̀ náà ní 2014, ṣùgbọ́n ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun rí àpò owó lọ́wọ́ olórí ẹbí."

Gbólóhùn kan péré, ó sì dùn ún kà. Ẹ jẹ́ ká tú u wò.

"Jẹ́wọ́" ni àkọ́kọ́. Ẹni tó ṣe ohun tó burú tó sì ń fi pamọ́ ló máa ń jẹ́wọ́. Bí mo ti kọ ọ́, mo ti dá ẹlẹ́rìí lẹ́bi. Nígbà tí mo dé ìdajì kejì, mo kọ "fìdí rẹ̀ múlẹ̀," mo sì ti bá a gbè. Bí a ṣe ń ṣe ojúsàájú nìyẹn, a kì í tilẹ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo máa ń lò báyìí: "ó ní" àti "ó sọ pé." Mo ń lo "ó gbà pé" nígbà tí lọ́yà bá ti sọ nǹkan fún un, tó sì fèsì pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo ń lo "ó sẹ́" nígbà tó bá sọ pé rárá. "Ó tẹnu mọ́ ọn," "ó ṣàlàyé yékéyéké," "ó yẹ ìbéèrè sílẹ̀," gbogbo wọn ni mo ti fi sílẹ̀. Adájọ́ nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ẹlẹ́rìí yẹ ìbéèrè sílẹ̀.

"Kò sí níbẹ̀" ni ìkejì. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe yàrá, kì í sì í ṣe ìta ìlú. Nínú ẹjọ́ yìí, ìwọ̀n ẹsẹ̀ bíi mélòó kan yẹn gan-an ni àwọn lọ́yà méjèèjì ń jà lé lórí.

Ìkẹta ni "nígbà tí olùpẹjọ́ san owó." Bóyá wọ́n san owó ni ohun tí kóòtù fẹ́ mọ̀. Lọ́yà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ nínú ìbéèrè ìlà 1, mo sì gbé e wọ inú àkékúrú bí ẹni pé ó ti dájú. "Ní 2014" náà wá látẹnu lọ́yà ní ìlà 9, láti inú ìwé ìbúra ni lọ́yà náà ti mú un. Ohun tí ẹlẹ́rìí sọ látẹnu ara rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni "á tó ọdún mẹ́wàá." Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹni tó ń kà á ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀, tí ẹ bá ti kọ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ sókè fún un. Ẹ má bá a ṣírò rẹ̀.

Mo tún fo ìlà 11 àti 12 pátápátá, nítorí mo rò pé nǹkan ti parí. Ẹni tó bá ka ìlà 10 nìkan yóò rò pé ẹlẹ́rìí ń fọwọ́ nu ìwé ara rẹ̀ kúrò lára. Ẹni tó bá kà dé ìlà 12 yóò rí i pé ó ní òun ló ní kí wọ́n kọ ọ́, pé wọ́n kà á sí òun létí kí òun tó tẹ̀ka. Èwo ni kóòtù yóò gbà gbọ́? Ìyẹn kò kàn wá. Àmọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú àkékúrú, kí wọ́n sì súnmọ́ ara wọn.

Bàbá wo?

Èyí tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ mi ọjọ́sí ni mo fi sẹ́yìn. Mo kọ "lọ́wọ́ olórí ẹbí." Ẹ padà lọ wo ìlà 4. "Bàbá" ni ẹlẹ́rìí sọ. Ní ojú ìwé kẹtàlá, ó pe olórí ẹbí ní "bàbá" ní ìlà 6. Nígbà tó di ìlà 15 lójú ìwé kan náà, ó pe olùpẹjọ́ pẹ̀lú ní "bàbá," nítorí òun náà ti dàgbà. Ṣé ẹ rí i? Bí ó bá jẹ́ olórí ẹbí ló gbé àpò jáde, ìtàn olùpẹjọ́ lágbára sí i. Bí ó bá jẹ́ olùpẹjọ́ ló gbé àpò jáde, á jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó sanwó ṣì gbé owó rẹ̀ dání nígbà tó ń lọ. Kò sí lọ́yà tó bèèrè. Mo dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi ẹlẹ́rìí.

"Wọ́n" inú ìlà kan náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. "Nígbà tí wọ́n jáde": ṣé bàbá nìkan ni, tí ó ń fi ọ̀wọ̀ pè é, àbí gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá? Èdè wa fàyè gba méjèèjì. Bí ẹ bá pàdé irú èyí, ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ bóyá ìlà mìíràn yanjú rẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ fi orúkọ tàbí ipò ẹni náà sínú àkámọ́ onígun mẹ́rin, kí ẹ kọ ìlà tó fún yín láṣẹ. Bí kò bá sí, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà, kí ẹ sì sọ pé àkọsílẹ̀ kò yanjú rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kó rí

Àkékúrú tó yẹ kí n ti kọ nìyí. "O.i." dúró fún ojú ìwé:

*Ẹlẹ́rìí kejì olùpẹjọ́, ìbéèrè lọ́yà olùjẹ́jọ́ (o.i. 14). Lọ́yà bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí lọ́yà náà pè ní ọjọ́ "tí wọ́n san owó." Ó ní: "Mo wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò wọ yàrá tí wọ́n wà" (ìlà 2). Ó gbà pé òun kò rí wọn nígbà tí wọ́n ń ka owó, ó sì fi kún un pé: "Àpò dúdú kan ni mo rí lọ́wọ́ bàbá nígbà tí wọ́n jáde" (ìlà 3 sí 4). Nígbà tí lọ́yà sọ fún un pé kò mọ ohun tó wà nínú àpò, ó ní: "Bàbá sọ fún mi pé owó ilẹ̀ ni" (ìlà 6). Ẹlẹ́rìí ti pe olórí ẹbí ní "bàbá" (o.i. 13, ìlà 6), ó sì ti pe olùpẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú (o.i. 13, ìlà 15). Àkọsílẹ̀ kò sọ èwo nínú wọn ni ó ń tọ́ka sí ní o.i. 14. Lórí ìgbà tó ṣẹlẹ̀, ó ní: "Á tó ọdún mẹ́wàá. Mi ò rántí oṣù" (ìlà 8). Lọ́yà sọ fún un pé 2014 ló wà nínú ìwé tó búra sí. Ó ní: "Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni" (ìlà 10). Nígbà tí lọ́yà olùpẹjọ́ tún bi í nípa ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní: "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kà á sí mi létí kí n tó tẹ̀ka" (ìlà 12).*

Ẹnì kan lè sọ pé kò kúrú tó. Òótọ́ ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó ojú ìwé tó ti wá. Ibi tí ẹjọ́ wà nìyẹn, kò ṣe é ké. Ojú ìwé mẹ́rin tí ẹlẹ́rìí kan náà ti sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ibi tó ń gbé àti bí ó ṣe mọ ẹbí náà, ìlà méjì ló gbà nínú àkékúrú mi. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti rí àyè gé. Ìdádúró, ìsúnsíwájú, àríyànjiyàn àwọn lọ́yà lórí ìgbà tí wọn yóò padà wá, ọjọ́ nìkan ni kí ẹ kọ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí lọ́yà bá tako ìbéèrè tàbí ìwé kan, tí adájọ́ sì dájọ́ lórí rẹ̀, ẹ kọ ohun tí adájọ́ sọ, nítorí ìdáhùn tí adájọ́ ní kí wọ́n pa rẹ́ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́.

Nígbà tí ẹnu sọ Yorùbá, tí ìwé kọ Gẹ̀ẹ́sì

Mo fi Yorùbá kọ àpẹẹrẹ òkè yìí kí gbogbo wa lè jọ kà á. Ní Kóòtù Gíga, Gẹ̀ẹ́sì ni àkọsílẹ̀. Ẹlẹ́rìí lè sọ èdè Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó, ògbufọ̀ kóòtù á sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ni adájọ́ á kọ. Ọ̀rọ̀ gan-an tí ẹ ó yọ ni Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé. Ẹ má dá a padà sí Yorùbá kí ẹ sì fi àmì àyọlò sí i, nítorí kì í ṣe ohun tó jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí mọ́, kì í sì í ṣe ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan bá nílò rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ túmọ̀ rẹ̀ láìsí àmì àyọlò, kí ẹ sì kọ ọ́ pé ìtumọ̀ yín ni. Ẹ kọ ọ́ sókè pé ògbufọ̀ ló gbé ẹ̀rí náà kalẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní "wọ́n" ọ̀wọ̀, nítorí náà ògbufọ̀ ti ní láti yan ẹnì kan tàbí ènìyàn púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá ka ìwé náà kò sì ní mọ̀ pé ó yan.

Nígbà mìíràn, Yorùbá ni ìwé náà, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde láti inú fóònù. Bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò bá fi àmì ohùn sí i, ẹ má fi tiyín sí i nínú àyọlò. "Oko" tí kò lámì lè jẹ́ ọkọ, oko tàbí ọkọ̀, ẹni tó bá fi àmì sí i ti jẹ́rìí. Bákan náà, bí ó bá sọ "mi ò," ẹ má tún un ṣe sí "èmi kò." Bí ẹ bá rí àṣìṣe tó hàn kedere, ẹ dà á kọ bó ṣe rí, kí ẹ fi "[bẹ́ẹ̀ ló wà nínú àkọsílẹ̀]" tẹ̀lé e, kí ẹ sì fi han lọ́yà tó ni ẹjọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tako àkọsílẹ̀ náà, àfídáfìtì ni wọn yóò fi ṣe é.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò

Ènìyàn méjì ló ń ṣe èyí. Ọ̀kan á mú àkékúrú dání, á máa ka gbogbo ohun tó wà nínú àmì àyọlò sókè, pẹ̀lú ojú ìwé àti ìlà. Èkejì á mú àkọsílẹ̀ dání, á máa fi ìka tẹ̀lé e. Ẹ má fi ojú nìkan ṣe é, ẹ kà á jáde lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹni tó mú àkọsílẹ̀ á ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà níta àmì àyọlò, á sì fi pẹ́ńsù yí èyí tó bá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni po.

Ìgbà ìkẹyìn tí èmi àti ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ṣe é, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ka ìlà 8 pé, "Á tó ọdún mẹ́wàá. Mo rántí oṣù." Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dúró, 'mi ò' ló wà níbí." Mo wo ìwé mi. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.